Hz Tó Pọ̀ Kọ́ Ni Oògùn Fíìmù Tó Ń Tiro

Ẹ wá ibi tí kámẹ́rà ti ń rọra yí láti apá òsì sí apá ọ̀tún nínú fíìmù kan, tí ògiri tàbí òpó iná ń kọjá lójú yín díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù tí ẹ fi okùn HDMI so mọ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ fi ń wò ó, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé òpó náà kò lọ geere. Ṣe ló ń tiro. Á gbé ẹsẹ̀ gígùn, á gbé kúkúrú, á tún gbé gígùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé láptọ́ọ̀pù náà ni kò lágbára, tàbí pé Hz tẹlifíṣọ̀n náà kéré, pé kéèyàn lọ ra èyí tí Hz rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà gba ti àkọ́kọ́ gbọ́. Mo ra RAM kún ti tẹ́lẹ̀, mo sì padà wá wo fíìmù kan náà. Òpó iná ṣì ń tiro bó ṣe ń tiro.

Agbára kọ́ ni wàhálà náà. Ìṣirò tí kò dọ́gba ni.

Àwòrán 24 ni fíìmù sinimá máa ń ní láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú tẹlifíṣọ̀n tàbí láptọ́ọ̀pù tó wọ́pọ̀ jù sì máa ń tún ara rẹ̀ yà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Òun ni wọ́n ń kọ sí 60 Hz. Ẹ wá pín 60 sí ọ̀nà 24. Ó di méjì ààbọ̀. Àmọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n kò lè ya ààbọ̀ àwòrán. Nítorí náà, ó máa ń fi àwòrán kìíní hàn ní ìgbà mẹ́ta, á fi ìkejì hàn ní ìgbà méjì, ìkẹta ní ìgbà mẹ́ta, ìkẹrin ní ìgbà méjì, títí lọ. Àwòrán 12 tó gba ìgbà mẹ́ta-mẹ́ta jẹ́ 36, àwòrán 12 tó gba ìgbà méjì-méjì jẹ́ 24. Ẹ ro wọ́n pọ̀, 60 pé géérégé. Iye náà pé, àmọ́ àwòrán kan dúró pẹ́ ju èkejì lọ. Kámẹ́rà tó ya fíìmù náà fi àlàfo kan náà sáàárín gbogbo àwòrán rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n wá ba àlàfo yẹn jẹ́. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ gígùn àti ẹsẹ̀ kúkúrú ti wá.

Ẹ jẹ́ ká wá wò ó bóyá Hz tó ga jù yóò wò ó sàn. 75 ju 60 lọ, àbí? Bí ẹ bá pín in sí ọ̀nà 24, ẹ ó rí mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́jọ. Àwòrán méje á gba ìgbà mẹ́ta-mẹ́ta, ìkẹjọ á gba mẹ́rin, fíìmù á sì fẹsẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ 48, tó kéré sí 60, kì í tiro rárá, torí méjì-méjì ló bá gbogbo àwòrán. 24 fúnra rẹ̀, tó kéré jù lọ, dára bákan náà: àwòrán kan, ìgbà kan. 120 náà dára, torí pé márùn-ún-márùn-ún ló kan gbogbo wọn, kì í ṣe torí pé ó pọ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa béèrè ni bóyá 24 lè pín in láìṣẹ́kù.

Iye tó wà nínú fíìmù yín lẹ máa kọ́kọ́ mọ̀, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ 24. Bí `ffprobe`, irinṣẹ́ tó ń yẹ inú fáìlì fíìmù wò, bá wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ tẹ èyí, kẹ́ ẹ fi orúkọ fáìlì tiyín rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀:

```
ffprobe -v error -select_streams v:0 -show_entries stream=r_frame_rate -of csv=p=0 fiimu.mkv
```

Bó bá kọ `25/1`, fíìmù náà tẹ̀ lé ìlànà tẹlifíṣọ̀n tí Bìrìtìkó àti Nàìjíríà ń lò, 50 Hz ló sì bá a mu. Ṣùgbọ́n èyí tẹ́ ẹ máa rí jù ni `24000/1001`, ìyẹn 23.976. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà mú àwọ̀ wọnú tẹlifíṣọ̀n wọn ní ọdún 1953, wọ́n dín iyára àwòrán kù ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, nǹkan tí wọ́n dín yẹn ló sì ń tẹ̀ lé fíìmù kiri títí dòní. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fi 24 Hz gan-an wo fíìmù 23.976, ojú tẹlifíṣọ̀n á máa sáré ju fíìmù lọ díẹ̀díẹ̀, tó bá sì tó ìṣẹ́jú-àáyá 42, àwòrán kan á di àwíìtúnwí, ẹ ó rí i tó ta kán lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ń ta bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ìyókù ń lọ geere, ohun tó fà á nìyẹn.

Kodi, ètò kan tí wọ́n fi ń wo fíìmù, ló rọrùn jù láti tún èyí ṣe, torí òun fúnra rẹ̀ ló máa ń yí Hz padà. Ẹ lọ sí `Settings`, `Player`, `Videos`, kí ẹ wá `Adjust display refresh rate`. `Off` ló máa ń wà. Ẹ yí i sí `On start / stop`. Bẹ́ ẹ kò bá rí i, ẹ tẹ àmì tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì títí tó fi kọ `Expert`. Láti ìgbà náà, bẹ́ ẹ bá tẹ fíìmù, ojú tẹlifíṣọ̀n á kọ́kọ́ ṣókùnkùn díẹ̀ ná. Kò bàjẹ́ o, Hz ló ń yí padà. Bọ́rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù bá ń bọ́ sínú òkùnkùn yẹn, ẹ fi ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kún `Delay after change of refresh rate` tó wà ní `Settings`, `System`, `Display`.

Mpv, tóun náà jẹ́ ètò tí wọ́n fi ń wo fíìmù, kì í yí Hz ní tirẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa lọ sí `Settings`, `System`, `Display`, `Advanced display` lórí Windows, kẹ́ ẹ mú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 23 bí fíìmù yín bá jẹ́ 23.976. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìlà yìí sínú `mpv.conf`:

```
video-sync=display-resample
```

Ó máa ń sún iyára fíìmù àti ohùn díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè bá ojú tẹlifíṣọ̀n rìn, ìwọ̀nba tétí kò lè gbọ́. Bẹ́ ẹ bá tẹ `i` nígbà tí fíìmù ń lọ, ẹ ó rí iye àwòrán fíìmù àti Hz ojú tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀.

Ìgbàgbọ́ mìíràn ni pé kéèyàn kàn tan ohun tí tẹlifíṣọ̀n fi ń mú àwòrán yọ̀, irú bíi TruMotion tàbí Motionflow. Òun kì í tún àlàfo ṣe. Ṣe ló ń fúnra rẹ̀ ṣe àwòrán tí kámẹ́rà kò yà, tó ń kì í bọ àárín àwọn ti gidi. Òpó iná á lọ geere lóòótọ́, àmọ́ fíìmù á wá dà bí ìròyìn aago mẹ́sàn-án, etí orí èèyàn tó ń sáré á sì máa yọ́. Mi ò fara mọ́ ọn fún sinimá.

Síbẹ̀, ẹ má retí pé ohun gbogbo á yọ̀ bí epo. Àwòrán 24 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan kò pọ̀. Bí kámẹ́rà bá yí kíákíá, òpó á ṣì máa fò láti ibì kan sí ibì kejì, kódà ní ilé sinimá. Ẹ fi ojú wá ìyàtọ̀: bí fífò náà bá dọ́gba, bó ṣe wà nínú fíìmù nìyẹn. Bó bá gùn, tó kúrú, tó tún gùn, Hz kò tíì bá a mu.

Bó bá sì jẹ́ ọwọ́ lẹ fi yí Hz lórí Windows, ẹ dá a padà sí 60 kẹ́ ẹ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, torí ní 24, ọfà máòsì á máa falẹ̀ lẹ́yìn ọwọ́ yín.