Nọ́ọ̀sì Takuntakun, Ẹ̀rí Dà?

"Òṣìṣẹ́ takuntakun ni, ọ̀yàyà rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Òṣogbo." Báyìí ni ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi ń fa nọ́ọ̀sì kalẹ̀ fún àmì-ẹ̀yẹ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kò parọ́, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó fẹ́ fún un ní máàkì kò mọ nọ́ọ̀sì náà rí, ìwé mìíràn tó ń sọ ohun kan náà sì wà lórí tábìlì wọn. Ẹni tó ń tún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń kọ́kọ́ yọ orúkọ nọ́ọ̀sì náà, á fi ti ẹlòmíràn rọ́pò. Bí gbólóhùn náà bá ṣì bá ẹni kejì mu, ìyìn lásán ni.

Àwọn kan máa ń bínú sí èyí, wọ́n á ní Yorùbá kì í fi oríkì ṣahun. Wọn ò tíì fetí sí oríkì dáadáa ni. Ẹni tó pe Òṣogbo ní ìlú aró kò sọ pé ìlú náà dára gan-an. Ìkòkò aró ló ń tọ́ka sí, àti ọwọ́ aláró tó dúdú, àti àdìrẹ tí wọ́n sá sóòrùn. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè lọ wò ó. Onílù tó bá kàn ń sọ pé "o dára, o dára" lóde ìnáwó, ta ni yóò náwó fún un?

Ẹ jẹ́ ká mú gbólóhùn kan: "Ó jẹ́ kí àwọn ìyá máa mú ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára." Olùtúnṣe á bi ẹni tó kọ ọ́ pé abẹ́rẹ́ wo, báwo ló sì ṣe rí tẹ́lẹ̀? Abẹ́rẹ́ Pẹ́ńtà, àjẹsára tó ń dènà àrùn márùn-ún lára ọmọ ọwọ́, dára fún irú ìbéèrè yìí, torí ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ máa ń gbà á, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, wọ́n sì ń kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú rẹ́jísítà. Ká ní ọmọ 200 gba ìkíní lọ́dún àkọ́kọ́, tí 130 péré gba ìkẹta. Ọmọ 70 ni kò padà wá, ìyẹn ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní lọ́dún kejì, 200 bẹ̀rẹ̀, 176 sì parí: ìdá 12 ló já sọ́nà. Ẹ̀rí ti ń jọ ẹ̀rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ju ìdá 10 lọ ṣì jẹ́ àmì ìṣòro lójú àwọn elétò ìlera, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ pé ó "fòpin sí" ìṣòro náà.

Àṣìṣe tó ń bíni nínú jù ni kí wọ́n rò pé nọ́ńbà yòówù ti tó. "Ó fún ọmọ 3,000 ní abẹ́rẹ́" kàn ń sọ pé èrò pọ̀ níbẹ̀ ni. Kò sọ ohun tí nọ́ọ̀sì yìí ṣe tí ẹlòmíràn ì bá má ṣe.

Nítorí náà, olùtúnṣe á tún bèèrè ohun tó fà á. Ó lè jẹ́ pé àwọn ìyá tó ń tajà ní ọjà Ìgbóna kì í ráyè láàárọ̀, nọ́ọ̀sì náà sì gbàṣẹ láti máa fúnni lábẹ́rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ó tún ń pe àwọn tí kò wá lórí fóònù. Kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á wo ilé ìlera kejì tó wà nítòsí. Bí ìdá tó ń já sọ́nà níbẹ̀ náà bá wálẹ̀ bákan náà láìsí abẹ́rẹ́ ìrọ̀lẹ́, nǹkan mìíràn ti dá sí i, kí ìwé sì sọ pé nọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbólóhùn tó jáde wá rèé: "Ó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ìrọ̀lẹ́ fún àwọn ìyá ọlọ́jà, ó sì ń pe àwọn tí kò wá, láàárín ọdún kan, àwọn ọmọ tí kò parí Pẹ́ńtà dín kù láti ìdá 35 sí ìdá 12, nígbà tí ti ilé ìlera tó wà nítòsí kò yí padà." Lẹ́tà tí ọ̀gá ilé ìlera buwọ́ lù àti àkọsílẹ̀ oṣooṣù á tẹ̀ lé e, láìsí orúkọ ọmọ kankan níbẹ̀.

Ètò yìí ní àbùkù o. Ó ń ṣe ojúure sí iṣẹ́ tó ní rẹ́jísítà. Nọ́ọ̀sì tó ń jókòó ti aláìsàn tó ń kú lọ kò ní ìdá kankan láti fi hàn. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, olùtúnṣe á wá ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo tó ní ọjọ́ àti ẹlẹ́rìí, yóò sọ ohun tó ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, yóò sì jẹ́ kí mọ̀lẹ́bí aláìsàn náà fi ẹnu ara wọn sọ ìyókù, bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀.