Ìlà dìmáǹdì: ìgbà wo ló ń ṣí nípò, ìgbà wo la kàn ń rìn lórí rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Òṣogbo níbí ni mo ti ń múra ìdánwò JAMB. Mo ti há a sórí pé bí owó ọjà fúnra rẹ̀ bá yí padà, orí ìlà dìmáǹdì la ó máa rìn, pé nǹkan mìíràn ló ń ṣí ìlà nípò. Síbẹ̀, tí mo bá ti rí i pé ọjà wọ́n, tí àwọn èèyàn sì tún ń rà á sí i, gbogbo ẹ̀ á dà rú mọ́ mi lójú. Báwo ni mo ṣe máa dá wọn mọ̀?

Ìdáhùn: Ohun tó o há sórí yẹn ò burú, àmọ́ kò tó. Owó ọjà kì í ṣàdédé gbéra sókè, nǹkan kan ló máa ń tì í. Ibi tó yẹ kó o kọ́kọ́ wò nínú ìbéèrè nìyẹn: ṣé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àbí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà?

Wo ohun tí àwòrán náà ń sọ ná. Owó wà lórí ìlà òòró, iye ọjà wà lórí ìlà ìbú. Nǹkan méjì péré ló ráyè lórí bébà yẹn. Owó tó ń wọlé fún oníbàárà, ohun tó wù ú, iye owó ọjà mìíràn tó lè fi rọ́pò rẹ̀, bí èrò ṣe pọ̀ tó lọ́jà, ohun tí wọ́n rò pé owó máa dà lóṣù tó ń bọ̀, gbogbo wọn la ti so mọ́lẹ̀ ká tó fa ìlà dìmáǹdì. Tí ọ̀kan nínú wọn bá já, ìlà tá a fà ò bá a mu mọ́, a ní láti fa òmíràn. Ìyẹn ni ṣíṣí nípò. Àmọ́ tó bá jẹ́ owó ọjà náà nìkan ló yí padà, orí ìlà kan náà la ṣì wà, ojú ibòmíràn la kàn ti ń kà á.

Jẹ́ ká fi àdìrẹ ṣe é, ṣebí ìlú aró la wà. Àwọn iye tí mo fẹ́ lò yìí, àfiṣàpẹẹrẹ lásán ni o, má gbé e lọ fi ná ọjà lọ́wọ́ ìyá aláró kankan.

Ká ní tí àdìrẹ bá wà ní ₦6,000, èèyàn máa ra 50 lọ́sẹ̀. Tó bá di ₦8,000, wọ́n á ra 35. Tó bá di ₦10,000, wọ́n á ra 20. Ìlà dìmáǹdì nìyẹn. Ní ti àwọn aláró, tí owó bá wà ní ₦6,000, wọ́n á gbé 50 wá sọ́jà. Ní ₦8,000, wọ́n á gbé 65 wá. Ìlà sọ́pláì nìyẹn. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni ₦6,000, tí wọ́n ti ń ta 50.

Oṣù kẹjọ wá dé, ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo wọlé, àlejò kún ìlú fọ́fọ́. Ní ₦6,000 tí wọ́n ti ń ra 50, wọ́n wá ń fẹ́ 80. Ní ₦8,000 tí wọn ì bá ti ra 35, wọ́n ń fẹ́ 65. Kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kan owó, síbẹ̀ iye tí wọ́n fẹ́ ti pọ̀ sí i ní gbogbo owó tó o bá dárúkọ. Ìlà dìmáǹdì ti ṣí sí ọ̀tún. Àdìrẹ 50 tó wà nílẹ̀ kò lè kárí mọ́, ni owó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bó ṣe ń gòkè, àwọn aláró ń pa láró sí i, títí tó fi dúró ní ₦8,000, níbi tí wọ́n ti ń ta 65. Ọjà wọ́n, àwọn èèyàn sì rà á sí i. Òfin dìmáǹdì ò yẹ̀ rárá. Àwọn tó ń rà ló ti owó sókè, kì í ṣe owó ló fà wọ́n wá. Àwọn tó rìn lórí ìlà tiwọn ni àwọn aláró, láti 50 dé 65.

Wá fi ọdún sílẹ̀ ká wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò sí àlejò, oníbàárà ò yí padà, àmọ́ aṣọ funfun àti kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n fi ń pa á láró gbówó lórí. Aláró tó ti ń gbé 65 wá ní ₦8,000 kò lè gbé ju 35 wá mọ́. Ìlà sọ́pláì ti ṣí sí òsì. Owó tún gòkè dé ₦8,000, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí 35 ni wọ́n ń tà. Lọ wo ìlà dìmáǹdì àkọ́kọ́ yẹn: 35 ní ₦8,000 ti wà lórí rẹ̀ látilẹ̀wá. Kò ṣí lọ síbì kankan. Àwọn oníbàárà kàn gun orí rẹ̀ lọ sókè ni.

Owó kan náà ni ₦8,000 nínú ọ̀ràn méjèèjì. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni iye tí wọ́n tà. Tí owó àti iye bá jọ gòkè, tàbí tí wọ́n jọ wálẹ̀, dìmáǹdì ló ṣí. Tí ọ̀kan bá gòkè tí èkejì wálẹ̀, sọ́pláì ló ṣí, orí ìlà dìmáǹdì la kàn rìn. Tí ìlà kan ṣoṣo bá ṣí lọ̀rọ̀ yìí fi dúró o. Mo máa padà sórí ìyẹn.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe ń dẹ pàkúté rẹ̀ nínú ìdánwò. Òfin Ìnáwó ọdún 2021 fi owó-orí ₦10 sórí lítà kan ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà. Ká ní wọ́n béèrè ohun tí irú owó-orí bẹ́ẹ̀ máa ṣe ní ọjà ohun mímu yìí, tí wọ́n sì kọ ìdáhùn mẹ́rin síwájú rẹ báyìí:

A. Dìmáǹdì á dínkù.
B. Dìmáǹdì á pọ̀ sí i.
C. Iye tí àwọn èèyàn béèrè fún á dínkù.
D. Sọ́pláì á pọ̀ sí i.

A ni ọ̀pọ̀ máa tẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé èèyàn máa dín mímu rẹ̀ kù, òótọ́ sì ni. Àmọ́ nínú èdè ẹ̀kọ́ yìí, tí wọ́n bá sọ pé dìmáǹdì dínkù, odindi ìlà ni wọ́n ní ó ṣí sí òsì. Owó-orí yìí, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń pọn ohun mímu ló balẹ̀ sí. Sọ́pláì wọn ló ṣí sí òsì, owó ìgò kan gòkè, àwọn tó ń mu ún sì rìn lọ sókè lórí ìlà tiwọn. C ni ìdáhùn. Bi ara rẹ báyìí: ká ní owó ìgò náà ò kúrò níbi tó wà, ṣé wọ́n á dín in kù? Rárá. Ìlà wọn ò ṣí nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé dókítà ló ní kí wọ́n yéé mu ṣúgà ńkọ́? Wọ́n á dín in kù, bí owó ò tiẹ̀ yí padà. A ni ò bá tẹ̀ nígbà yẹn.

Ìbéèrè: Ọjà méjì ló máa ń wà nínú àwọn ìbéèrè mìíràn, sà. Wọ́n á ní owó èyí gòkè, wọ́n á wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìkejì.

Ìdáhùn: Ibẹ̀ ni kó o ti ka orúkọ ọjà tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà tí kò tó ₦200 fò dé nǹkan bíi ₦500. Tí wọ́n bá bi ọ́ nípa epo bẹntiróòlù fúnra rẹ̀, owó rẹ̀ wà lórí àwòrán tìrẹ: àwọn awakọ̀ rìn lórí ìlà dìmáǹdì epo. Tí wọ́n bá bi ọ́ nípa jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń mu epo náà, àwòrán mìíràn nìyẹn, owó epo ò sí lórí rẹ̀. Èèyàn ò fẹ́ ra jẹnẹrétọ̀ tó pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ ní iye owó yòówù tí wọ́n bá pè é, torí náà ìlà rẹ̀ ṣí sí òsì. Ti iná sólà ṣí sí ọ̀tún, torí òun ni wọ́n ń fi rọ́pò. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo, ìdáhùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo wọn ló sì tọ̀nà ní ọjà tiwọn.

Ọ̀kan ṣì wà tó máa ń mú àwọn tó mọ̀wé gan-an. "Wọ́n gbọ́ pé owó sìmẹ́ńtì máa gòkè lóṣù tó ń bọ̀." Owó sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀ ni wọ́n dárúkọ, kì í ṣe ti ọjà mìíràn, o sì máa fẹ́ sọ pé orí ìlà la rìn. Ṣùgbọ́n owó òní ló wà lórí ìlà òòró. Owó òní ò tíì yí padà, síbẹ̀ àwọn tó ń kọ́lé ti ń sáré lọ kó o pamọ́ lónìí. Dìmáǹdì òní ti ṣí sí ọ̀tún.

Ti owó oṣù kò le. Kó lé o, kó dínkù o, ìlà ló máa ṣí. Ohun tó kù ni bóyá ọjà náà jẹ́ irú èyí tí èèyàn ń pa tì tó bá ti rówó, ìyẹn ló máa sọ bóyá ọ̀tún ló ṣí sí àbí òsì.

Ìbéèrè: Tí ìlà méjèèjì bá wá jọ ṣí ńkọ́, sà?

Ìdáhùn: Ìgbà yẹn ni ọgbọ́n owó-àti-iye tí mo sọ ò ní ràn ọ́ lọ́wọ́ mọ́. Ká ní àlejò ọdún Ọ̀ṣun dé lọ́sẹ̀ kan náà tí kọ́sítíìkì sódà gbówó lórí. Dìmáǹdì ṣí sí ọ̀tún, sọ́pláì ṣí sí òsì. Àwọn méjèèjì ló ń ti owó sókè, torí náà o lè fọwọ́ sọ̀yà pé àdìrẹ máa wọ́n. Àmọ́ ọ̀kan ń fa iye tí wọ́n máa tà sókè, èkejì ń fà á wálẹ̀. Pẹ̀lú iye tá a lò lókè yẹn, tí àwọn ìlà náà bá ń lọ tààrà bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, owó máa dúró ní ₦10,000, wọ́n á sì ta 50 gééré bíi ti tẹ́lẹ̀. Tí àlejò bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á ta ju 50. Tí èròjà bá wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní tó 50. Tí ìbéèrè ò bá sọ èyí tó lágbára jù, ìdáhùn tó ní owó á gòkè tí iye kò sì ṣeé sọ ni kó o tẹ̀.