Ọtí àti Áńtíbáyọ́tíìkì: Fílájìlì Ló Yẹ Kí Ẹ Ṣọ́ra Fún

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kò sí áńtíbáyọ́tíìkì kan tí ọtí kì í sọ di májèlé nínú ara, tàbí tí ọtí kì í pa agbára rẹ̀. Fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oògùn wọ̀nyí, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú amọsisílíìnì tàbí Ampikílọ́ọ̀sì: ìgò bíà kan kò ní sọ wọ́n di májèlé, kò sì ní dá iṣẹ́ wọn dúró. Bí dókítà bá ní kí ẹni tó ń lò wọ́n fi ọtí sílẹ̀, ìdí rẹ̀ ni pé ara tó ń ṣàìsàn nílò omi àti oorun, ọtí sì máa ń fa omi kúrò lára, ó máa ń ba oorun jẹ́.

Ìgbàgbọ́ yìí ń ṣe èèyàn níbi. Ẹni tó ń lo amọsisílíìnì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ á dá oògùn dúró lọ́jọ́ Jímọ̀ nítorí àtilọ sóde ìnáwó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, á sì tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ mẹ́ta tí kò fi lo oògùn yẹn ni àwọn kòkòrò àrùn tó kù fi ń pọ̀ sí i. Ó sàn kó mu ìgò kan kó sì lo oògùn rẹ̀ lásìkò ju kó pa oògùn tì lọ. Ẹlòmíì ní tirẹ̀ á rí i pé òun mu ọtí pẹ̀lú Ampikílọ́ọ̀sì tí nǹkan kan kò ṣe òun, á wá rò pé irọ́ ni gbogbo ìkìlọ̀ náà. Lọ́jọ́ tí ìgbẹ́ gbuuru bá mú un tó sì ra Fílájìlì ní kẹ́míìsì, á tún mu ọtí lé e.

Fílájìlì, ìyẹn metironidasóólù, yàtọ̀. Bí èèyàn bá mu ọtí, ẹ̀dọ̀ ló ń yí i padà, ìpele méjì ló sì ń gbà. Ní ìpele kìíní, ọtí á di èròjà olóró kan tó ń jẹ́ asẹtádíháìdì. Ní ìpele kejì, ẹ̀dọ̀ á yára sọ oró yẹn di nǹkan tí kò lè pa ara lára. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ dáísọ́fíráàmù, tí wọ́n ti ń fún àwọn tí ọtí di bárakú fún láti àwọn ọdún 1940. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí ìpele kejì, kí oró náà lè gbára jọ, kí ẹni tó bá mu ọtí sì lè kórìíra rẹ̀. Ohun tí wọ́n ti ń rí lára àwọn kan tó mu ọtí lórí Fílájìlì jọ èyí gan-an. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí kan, ojú, ọrùn àti àyà á gbóná bí ẹni tó dúró sídìí iná. Lára aláwọ̀ dúdú, ẹ lè má rí i kó pọ́n, àmọ́ ẹni náà á mọ ooru rẹ̀ lára. Orí á máa fọ́ ọ, àyà á máa lù kìkì, inú á máa run ún, á sì máa bì.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe. Ní 2002, àwọn olùwádìí ní orílẹ̀-èdè Fínlándì kó ọkùnrin 12 tí ara wọn le jọ, wọ́n fún àwọn kan ní metironidasóólù, wọ́n fún àwọn tó kù ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, wọ́n sì fún gbogbo wọn ní ọtí. Asẹtádíháìdì kò pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó lo oògùn náà. Nítorí náà, àríyànjiyàn ṣì wà lórí ọ̀nà tó ń gbà ṣẹlẹ̀, àti bó ṣe wọ́pọ̀ tó. Síbẹ̀, ọkùnrin 12 tó lera kò tó ká fi yọ ìkìlọ̀ kúrò fún ẹni tó ní ọkàn tí kò le tàbí ẹ̀dọ̀ tó ti bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ ṣáájú bóyá ó máa ṣe òun. Ìkìlọ̀ yẹn tọ́, ó sì yẹ ká pa á mọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń mu ọtí lórí Fílájìlì láìmọ̀ pé ọtí làwọn ń mu. Ẹni tí inú ń run á ra Fílájìlì, á tún ya ọ̀dọ̀ alágbo láti ra àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Bó bá jẹ́ omi ni wọ́n fi se àgbo náà, kò sí ọtí níbẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ ògógóró ni wọ́n rẹ egbò àti èèpo igi sí, ìyẹn paraga, ife kékeré kan lè ní ọtí tó tó ti bíà tó kún ìdajì ìgò ńlá. Bítàsì inú ọ̀rá náà ńkọ́? Ọtí líle ni. Ẹ tún wo ara ìgò oògùn ikọ́ àti omi ìfọnu, torí ọtí wà nínú àwọn kan.

Ọ̀rọ̀ iye ọjọ́ ló kàn. Láàárín nǹkan bíi wákàtí 8, ìdajì Fílájìlì tó wà lára á ti jáde. Ká sọ pé ẹnì kan ń lo mílígíráàmù 400 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, tó sì lo èyí tó kẹ́yìn ní aago mẹ́wàá alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Torí pé oògùn ti ń gbára jọ, bíi 800 á wà lára rẹ̀ nígbà yẹn. Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́wàá alẹ́ Jímọ̀, á ku bíi 100. Ní aago kan náà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, á ku bíi 12. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ ní Bìrìtéènì pé kí èèyàn dúró wákàtí 48 lẹ́yìn oògùn tó kẹ́yìn. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Bí òde ìnáwó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, wákàtí 42 péré ló pé, kò tíì tó. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dára, kó dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí oògùn náà máa ń pẹ́ lára irú ẹni bẹ́ẹ̀. Tinidasóólù, tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, máa ń pẹ́ lára ju Fílájìlì lọ. Wákàtí 72 ni tirẹ̀.

Àwọn abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń gbà nílé ìwòsàn, bíi sẹfopẹrasóònù àti sẹfotẹtáànì. Ní ti àwọn wọ̀nyí, ó dájú pé wọ́n ń dí ìpele kejì. Ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè orúkọ abẹ́rẹ́ yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ bíi isoniasíìdì kì í mú ojú gbóná lọ́nà yìí, ṣùgbọ́n òun àti ọtí lè jọ ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, fún gbogbo oṣù tí èèyàn bá fi lò ó.

Fílájìlì fúnra rẹ̀ máa ń mú kí ẹnu máa ṣe bíi ti ẹni tó lá irin, ó sì lè mú ìtọ̀ dúdú láìsí ọtí rárá. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń sọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ọtí ni ara gbóná tí èébì dé, ẹ gbé ọtí sílẹ̀, ẹ jókòó, ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Ó sábà máa ń lọ láàárín wákàtí mélòó kan. Bí àyà bá ń dun ẹni náà, tí kò lè mí dáadáa tàbí tó dákú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Bí ètè tàbí ojú bá wú, tí ara sì ń yún un pẹ̀lú kókó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé oògùn náà ni kò bá a lára mu. Ilé ìwòsàn náà ni, kó má sì tún lo oògùn náà mọ́ títí dókítà á fi rí i.

Ẹni tó ń mu ọtí lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà tàbí apoògùn kó tó gba Fílájìlì. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣàdédé pa ọtí tì, gìrì lè mú un. Dókítà lè wá oògùn mìíì fún un, tàbí kó fi ètò sí bó ṣe máa dín ọtí kù.