Ọksitósìn, dópámínì àti ọ̀rọ̀ eku pápá: ìdáhùn sí ìbéèrè yín

Mo kà á pé eku tí kò lè lo ọksitósìn ṣì ń yan ẹnì kejì, ó sì ń bá a gbé. Ṣebí ọksitósìn yìí ni wọ́n ń pè ní họ́mónù ìfẹ́? Èwo ni ká gbà gbọ́?

Ìròyìn náà jóòótọ́. Àkọlé tí wọ́n fi gbé e jáde ló ń da àwọn èèyàn lójú rú.

Eku tí wọ́n ń sọ ni eku pápá, eku kékeré kan tó ń gbé inú koríko ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Bí akọ àti abo bá ti gun ara wọn, wọn á jọ máa gbé, wọn á jọ tọ́ ọmọ, wọn á sì máa lé àlejò. Ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú tó ń ṣe báyìí kò pọ̀. (Àwọn kan nínú wọn ṣì máa ń yọ́ jáde, nítorí náà ẹ má fi wọ́n wàásù níbi ìgbéyàwó.) Ní àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ fi oògùn dí ọ̀nà ọksitósìn nínú ọpọlọ abo. Akọ gùn ún, àmọ́ kò yan akọ náà láàyò. Irú ìwádìí báyìí ló mú kí orúkọ họ́mónù ìfẹ́ rinlẹ̀.

Ní oṣù Kìíní 2023, ikọ̀ Devanand Manoli ní Yunifásítì Kalifóníà ní San Francisco àti ti Nirao Shah ní Yunifásítì Stanford gbé iṣẹ́ tiwọn jáde. Oògùn kọ́ ni wọ́n lò. Láti inú oyún ni wọ́n ti tún àbùdá eku náà ṣe, débi pé kò sí sẹ́ẹ̀lì kan lára rẹ̀ tó ní ibi tí yóò ti gba iṣẹ́ tí ọksitósìn bá jẹ́. Wọ́n wá dán an wò báyìí. Yàrá kékeré mẹ́ta ló wà, wọ́n ṣí sí ara wọn. Wọ́n so ẹnì kejì eku náà mọ́ ìpẹ̀kun kan, wọ́n so àjèjì mọ́ ìpẹ̀kun kejì, wọ́n sì tú òun fúnra rẹ̀ sílẹ̀ sáàárín. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi ń wò ó: ọ̀dọ̀ ta ni yóò lọ fara tì pẹ́ jù?

Ọ̀dọ̀ ẹnì kejì rẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bíi ti eku tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Àwọn abo tiẹ̀ bímọ, wọ́n sì fún ọmọ lọ́mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ tó yè dé ìgbà ìjáwọ́ ọmú kò pọ̀ tó tàwọn yòókù.

Báwo ni oògùn àti àbùdá ṣe wá yàtọ̀ síra? Ẹni tí wọ́n ṣàdédé dì lójú á máa kọsẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀, àmọ́ ẹni tí a bí láìríran mọ ilé náà tinú tẹ̀yìn. Ọpọlọ eku tó dàgbà láìlè lo ọksitósìn lè ti wá ọ̀nà mìíràn. Ó sì tún lè jẹ́ pé oògùn ìgbà yẹn kan ohun mìíràn yàtọ̀ sí ọksitósìn, nítorí họ́mónù kan tó ń jẹ́ fasopirẹ́sìn jọ ọ́ gidigidi.

Ṣé ká kúkú sọ pé ọksitósìn ò wúlò fún ìfẹ́ ni?

Rárá. Ní 2025, ikọ̀ Annaliese Beery ní Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley lo irú eku kan náà, àmọ́ ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe lọ́kọláya. Eku pápá tó pé ara máa ń mọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan. Àwọn tí kò lè lo ọksitósìn ń pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan. Lójú tèmi, ohun tí èyí ń sọ ni pé ọksitósìn ń mú kí ìdè tètè mú, ó sì ń jẹ́ ká mọ ẹni tiwa láàárín èrò. Òun nìkan kọ́ ló ń so ó.

Dópámínì ńkọ́? Ṣé òun ló ń mú kí ìfẹ́ dùn?

Dópámínì jẹ́ kẹ́míkà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ìfojúsọ́nà ló sì bá tan ju adùn lọ. Wolfram Schultz, onímọ̀ ọpọlọ, ki wáyà tín-ín-rín bọ ọpọlọ ọ̀bọ kó lè máa gbọ́ iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì dópámínì. Bó bá ṣàdédé kán omi èso sí ọ̀bọ lẹ́nu, sẹ́ẹ̀lì á ta kìjí. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná kí omi èso tó dé. Nígbà tí ọ̀bọ ti mọ ohun tí iná túmọ̀ sí, iná ni sẹ́ẹ̀lì ń ta kìjí sí. Omi èso dé, sẹ́ẹ̀lì ò mira. Bí iná bá tàn tí omi èso ò wá, iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì á lọlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé nígbà tí omi èso ń dé lẹ́ẹ̀kan nínú méjì, sẹ́ẹ̀lì ò sinmi láti ìgbà tí iná bá ti tàn.

Mo máa ń rántí ọ̀bọ yìí bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ẹni tó ń dáhùn àtẹ̀jíṣẹ́ òun lónìí, tó tún dákẹ́ fún ọjọ́ méjì, ni "ìfẹ́ tòótọ́" òun.

Ọ̀gbẹ́ni kan wà níbi iṣẹ́ wa tí mi ò kà sí tẹ́lẹ̀. Kí ló dé tó fi ń wù mí báyìí?

Ó lè jẹ́ pé ojú yín ti mọ́ ọn ni. Ní 1992, àwọn olùwádìí méjì, Moreland àti Beach, rán àwọn obìnrin sí kíláàsì kan ní Yunifásítì Pittsburgh. Ọ̀kan lọ nígbà 5, ìkejì nígbà 10, ìkẹta nígbà 15. Ìkẹrin kò débẹ̀ rárá. Wọ́n á wọlé, wọ́n á jókòó síwájú, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ní ìparí sáà, wọ́n fi fọ́tò wọn han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí obìnrin kan bá ṣe wá tó ni ó ṣe wù wọ́n tó, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ rántí pé àwọn rí i rí. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ ti kórìíra ẹnì kan láti ìbẹ̀rẹ̀, rírí i lójoojúmọ́ lè mú kó burú sí i.

Ṣé òórùn ara ló ń fa èèyàn mọ́ra, bíi ti ẹranko?

Títí di òní, ẹnikẹ́ni ò tíì rí òórùn ara èèyàn kan tí ẹ̀rí dájú pé ó ń ṣiṣẹ́ yẹn.

Wọ́n ń ta ọksitósìn tí wọ́n ń fín símú lórí ayélujára. Ṣé kí n rà á fún ọkọ mi?

Ẹ fi owó yín ra ẹja. Ní 2005, ìwádìí kan sọ pé ọkùnrin tó bá fín in símú máa ń tètè fi owó rẹ̀ lé àlejò lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú èèyàn púpọ̀ sí i ní 2020, wọn ò rí nǹkan kan. Ọksitósìn tó dájú ni èyí tí nọ́ọ̀sì ń gún fún ìyálọ́mọ kí ilé ọmọ lè sún kì, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya. Inú fíríìjì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́sì. Ẹ bi olùtajà yín ibi tí tirẹ̀ sùn mọ́jú.

Bí mo bá lóyún ńkọ́?

Ẹ má sún mọ́ ọn, àfi bí dókítà bá ní kí ẹ lò ó.

Ọkàn mi ò fò sókè mọ́ bí mo bá rí ìyàwó mi. Ṣé ó ti parí nìyẹn?

Ẹ rántí ọ̀bọ: ohun tí ọpọlọ ti mọ̀ tán kì í ta á kìjí, kò túmọ̀ sí pé kò fẹ́ ẹ mọ́. Ní 2000, Arthur Aron, onímọ̀ nípa ìhùwàsí èèyàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ so lọ́kọláya pọ̀ lọ́rùn ọwọ́ àti lọ́rùn ẹsẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa rá lórí ẹní, kí wọ́n gun ìdènà kọjá, kí wọ́n gbé ìrọ̀rí láàárín ara wọn láìfọwọ́ kàn án. Ìṣẹ́jú méje péré ni. Àwọn yòókù ń yí bọ́ọ̀lù lọ sáàárín yàrá jẹ́ẹ́jẹ́. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè lẹ́yìn náà, àwọn tó rá ló sọ pé ìgbéyàwó àwọn túbọ̀ dùn. Kò pọn dandan kí ẹ gbé ìrọ̀rí. Ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ò ṣe rí, tó lè mú kí ẹ làágùn kí ẹ sì rẹ́rìn-ín, ni kí ẹ wá.