Owó Orí àti Ọ̀nà Tí Ẹ Gbà Díye Lé Ọjà Tó Kù ní Ṣọ́ọ̀bù

Bí ọdún bá ti ń parí lọ, ìbéèrè kan náà ni àwọn oníbàárà mi máa ń gbé wá: nínú ọ̀nà méjì tí a fi ń díye lé ọjà tó kù, èwo ni owó orí rẹ̀ kéré jù, àkọ́wọlé-àkọ́jáde ni àbí ìpíndọ́gba?

Ẹ jẹ́ kí a wo oníṣòwò ìrẹsì kan ní Bódìjà. Ó ra àpò 50 ní ₦60,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìrẹsì gbówó lórí, ó ra 150 sí i ní ₦80,000, àpapọ̀ owó ọjà rẹ̀ sì jẹ́ ₦15,000,000. Ó ta 120 ní ₦95,000, owó tó wọlé jẹ́ ₦11,400,000, ó wá ku àpò 80 nílẹ̀.

Bí ó bá ń lo àkọ́wọlé-àkọ́jáde, a ó gbà pé 50 tó kọ́kọ́ rà ló kọ́kọ́ tà, kí a tó mú 70 nínú ti ẹ̀yìn. Owó tí ó fi ra ohun tí ó tà jẹ́ ₦8,600,000, èrè rẹ̀ sì jẹ́ ₦2,800,000. Ní ti ìpíndọ́gba, a ó pín ₦15,000,000 sí àpò 200, èyí tí í ṣe ₦75,000, èrè rẹ̀ yóò sì di ₦2,400,000. Ẹ má ṣe ro ₦60,000 mọ́ ₦80,000 kí ẹ pín in sí méjì, nítorí pé àpò tó wọ́n pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta ju èyí tó rọjú lọ.

Bí a bá yọ ₦400,000 fún owó ṣọ́ọ̀bù àti ọkọ̀, òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2026 kò gba nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sì ń gbà lórí èyí tó tẹ̀ lé e títí dé ₦3,000,000. Owó orí rẹ̀ yóò jẹ́ ₦240,000 lọ́nà kìíní, ₦180,000 lọ́nà kejì.

Àwọn ayédèrú oníṣírò owó kì í sọ ìyókù fún yín. ₦60,000 tí owó orí ọ̀nà kejì fi dín sí ti ọ̀nà kìíní kò kúrò lọ́rùn yín, ẹ̀yìn ọ̀la ló sún sí. Àpò 80 tó kù wọ ọdún tuntun ní ₦6,400,000 lọ́nà kìíní, àmọ́ ní ₦6,000,000 lọ́nà kejì. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá tà á, ₦400,000 tí èrè fi dín ní èṣí ni yóò fi pọ̀ sí i. Bí owó ọjà bá sì ń já wálẹ̀, àkọ́wọlé-àkọ́jáde ni yóò fi èrè tó kéré hàn.

Èyí tó ń bí mi nínú ni kí ẹnì kan máa yí ọ̀nà padà lọ́dọọdún. Obìnrin aláṣọ kan gbé ìwé rẹ̀ wá fún mi lẹ́yìn tí lẹ́tà owó orí ti dé bá a. Ẹni tó ń bá a kọ ìwé fi ìpíndọ́gba parí ọdún kan, ó sì fi àkọ́wọlé-àkọ́jáde bẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e, kí èrè ọdún méjèèjì lè kéré. Òṣìṣẹ́ owó orí kò ṣe ju pé ó gbé ìwé méjèèjì síra lọ: ọjà ìparí èṣí kò bá ọjà ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun mu, bẹ́ẹ̀ ọjà kan náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ yí ọ̀nà padà gbọ́dọ̀ ní ìdí gidi, kí ó sì fi ọ̀nà tuntun náà tún ti èṣí ṣírò. Obìnrin náà san owó orí náà, ó san ìtanràn pẹ̀lú èlé, ẹni tó kọ ìwé fún un kò sì gbé ìpè rẹ̀ mọ́.