Táǹkì kan, iṣẹ́ méjì: bí a ṣe ń wọn táǹkì omi òjò fún òrùlé ńlá

Mìlímítà òjò kan tó bá rọ̀ sórí mítà onígun mẹ́rin kan, lítà omi kan ni. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Odògúnyàn, ní Ìkòròdú, tí òrùlé páànù rẹ̀ gùn ní 50 mítà, tó sì fẹ̀ ní 40. Òrùlé náà jẹ́ 2,000 mítà onígun mẹ́rin. Tí a bá yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá fún omi tó ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ àti èyí tó gbẹ sórí páànù, 1,800 lítà ló máa kù fún mìlímítà kọ̀ọ̀kan. Bí òjò bá wá le, tó ń rọ̀ ní ìwọ̀n 100 mìlímítà ní wákàtí kan, òrùlé yìí á máa da 50 lítà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà méjì nìyẹn, kí èèyàn tó ṣẹ́jú.

Nǹkan méjì ni onílé máa ń fẹ́ lọ́dọ̀ omi yìí. Ó fẹ́ fi pamọ́ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti fífọ ọgbà, kí ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga lè sinmi. Kò sì fẹ́ kó ya lu ojú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, kó máa gbẹ́ ilẹ̀ aládùúgbò lọ. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé táǹkì ńlá kan á ṣe méjèèjì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí nìyẹn. Táǹkì tó ń tọ́jú omi, kíkún ló ń fẹ́. Táǹkì tó ń dá àgbàrá dúró, òfìfo ló gbọ́dọ̀ wà kí òjò tó dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti ìtọ́jú. Ká ní ilé náà ń lo 5,000 lítà lóòjọ́, á lo nǹkan bíi 1,825,000 lítà lọ́dún. Omi tó gba inú asẹ́ kọjá máa ń tó 1,600 lítà fún mìlímítà kan. Tí a bá ka òjò ọdún kan sí 1,500 mìlímítà, 2,400,000 lítà ni òrùlé lè fún wa. Ìlànà kan wà tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá: kí táǹkì gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó kéré jù nínú méjèèjì. Ó máa jẹ́ nǹkan bíi 90,000 lítà, omi ọjọ́ 18. Ṣùgbọ́n ibi tí òjò ti ń rọ̀ lóṣooṣù ni wọ́n ti ṣe ìlànà náà. Níhìn-ín, omi ọjọ́ 18 lè gbé wa la ìsinmi òjò inú oṣù kẹjọ já, kò lè gbé wa la ẹ̀ẹ̀rùn já. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn á fẹ́ 450,000 lítà, ìlọ́po márùn-ún. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti kọ́ táǹkì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ nítorí oṣù mẹ́ta péré. Kí kànga gba ẹ̀ẹ̀rùn, kí òrùlé gba ìgbà òjò.

Ẹ wá wo bí táǹkì 90,000 lítà yìí ṣe máa rí nínú oṣù kẹfà. Mìlímítà 56 péré ló máa kún un láti ìsàlẹ̀ dókè. Bí òjò oṣù náà bá jẹ́ 300 mìlímítà, 480,000 lítà ló máa wọlé, 150,000 la máa lò. Ìyẹn ni pé lọ́jọ́ tí òjò tó le jù lọ́dún bá dé, kíkún ló máa bá a, ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo omi náà máa ṣàn jáde. Táǹkì ọ̀hún kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àgbàrá.

Fún ti àgbàrá, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni iye tí gọ́tà ìta lè gbà lọ́wọ́ wa. Ká ní 10 lítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Lẹ́yìn náà, a máa ń yẹ òjò oríṣiríṣi wò, èyí tó le tó sì kúrú àti èyí tó rọra pẹ́, torí a ò lè fojú lásán mọ èyí tó máa fẹ́ àyè jù. Inú àkọsílẹ̀ òjò àdúgbò ló yẹ kí iye wọn ti wá, irú èyí tí NiMet, àjọ tó ń wo ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ń kó jọ. Fún àpẹẹrẹ yìí, mo mú 60 mìlímítà fún ìdajì wákàtí, 85 fún wákàtí kan, 100 fún wákàtí méjì, àti 110 fún mẹ́ta. Òjò wákàtí kan á kó 153,000 lítà wọlé. Tí 10 lítà bá ń jáde láìdáwọ́ dúró, 36,000 á ti lọ, 117,000 ló máa dúró sínú táǹkì. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ló fẹ́ àyè jù.

Ṣùgbọ́n omi kì í jáde ní 10 lítà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ihò kékeré kan ló ń gbà jáde, bí omi bá sì ṣe ga tó lórí ihò náà ló ṣe máa ń tì í tó:

```
Q = 0.6 × A × √(2 × 9.81 × h)
```

Q ni iye omi tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a kà ní ẹgbẹ̀rún lítà; A ni ìwọ̀n ojú ihò ní mítà onígun mẹ́rin, h sì ni gíga omi lórí ihò ní mítà. Tí omi bá ga ní mítà kan ààbọ̀, ihò tó fẹ̀ ní mìlímítà 63 á tú 10 lítà jáde. Tí gíga náà bá já sí ìdajì, 7 lítà péré ni. Tí a bá fi 7 ṣírò gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, òjò wákàtí méjì ló wá gba ipò iwájú, àyè tí a nílò sì di 130,000 lítà. Ẹni tó bá fi 10 ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ti kọ́ táǹkì tó fi 13,000 lítà kéré, á sì máa yà á lẹ́nu pé ó ń kún.

Wàyí o, a lè gbé méjèèjì sínú táǹkì kan ṣoṣo, bí a bá to wọ́n léra. Kí ilẹ̀ táǹkì jẹ́ 87 mítà onígun mẹ́rin. Mítà kan tó wà nísàlẹ̀ ni ti ìtọ́jú, ihò mìlímítà 63 wà lókè rẹ̀ gẹ́lẹ́, mítà kan ààbọ̀ tó wà lókè ihò sì ni ti àgbàrá. Omi tó wà nísàlẹ̀ ihò kì í jáde síta, pọ́ǹpù ló ń fà á. Èyí tó wà lókè kì í pẹ́: bí òjò bá dá, á gbà tó wákàtí méje kó tó ṣàn tán. Lókè pátápátá, a ó fi ẹnu àkúnwọ́sílẹ̀ tó lè gba gbogbo 50 lítà náà, nítorí ọjọ́ tí òjò bá kọjá ìṣirò wa.

Ibi tí mo ti rí tí iṣẹ́ ń bàjẹ́ jù ni gíga ilẹ̀. Bí wọ́n bá ri táǹkì yìí mọ́lẹ̀, ihò á wà ní mítà kan ààbọ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kò jìn tó mítà kan. Omi kì í gun òkè fúnra rẹ̀. Tí ilẹ̀ náà bá tún sún mọ́ ọ̀sà, bí apá Ìpakodò, omi abẹ́ ilẹ̀ lè gbé táǹkì tó ṣófo sókè bí ọkọ̀ ojú omi. Òrùlé ilé ìkẹ́rùsí ga dáadáa, nítorí náà ẹ gbé táǹkì sórí ilẹ̀: páìpù òrùlé á dà á wọlé láti òkè, ihò á sì máa dà á sí gọ́tà láìlo ẹ̀rọ. Kí a tó ya àwòrán, ẹ na okùn sínú gọ́tà, kí ẹ mọ bó ṣe jìn tó.

Ihò mìlímítà 63 kò tó àtẹ́lẹwọ́ ní fífẹ̀, ewé kan tàbí náílọ́ọ̀nù omi tútù lè dí i. Asẹ́ gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n lè yọ fọ̀. Àwọn kan tún máa ń fẹ ihò náà nígbà tí wọ́n bá rí i pé omi ń pẹ́ kó tó lọ, wọn ò mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ so ọ̀pá rọ́bà tó mọ́ gaara mọ́ ara táǹkì láti ìta, kí ẹ sì fa ìlà pupa sí i níbi tí ihò wà. Bí òjò bá dá ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí ọdẹ sì rí i láàárọ̀ ní aago méje pé omi ṣì wà lókè ìlà pupa, ihò ti dí, ó sì yẹ kí wọ́n yọ asẹ́ náà kí òjò ọ̀sán tó ṣú.