Lógò tí ẹni tó ni ín nìkan ń rí

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń ta aṣọ fún àwọn régbérégbé ní Ìjẹ̀bú-Òde wá bá mi nígbà tí Ojúde Ọba ń sún mọ́lé. Ó ní àwọn oníbàárà ń pè é pé ìgbàkígbà tó bá fèsì ímeèlì wọn, àmì X pupa ni wọ́n ń rí nísàlẹ̀ ìwé, níbi tó yẹ kí lógò ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. "Àmọ́ lórí kọ̀ǹpútà tèmi, àbúrò mi, ó mọ́ kedere!"

Mo bi í bóyá ímeèlì tuntun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Rárá, èsì nìkan ni. Gmail ló ń lò, Gmail sì gbà kéèyàn ní ìbuwọ́lùwé méjì tó ń yọ fúnra rẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé: ọ̀kan fún ìwé tuntun, ọ̀kan fún èsì, lábẹ́ `ON REPLY/FORWARD USE`. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe ti èsì. Google Drive ló ti mú lógò, àdáni sì ni fáìlì yẹn ṣì jẹ́ níbẹ̀.

Àwòrán tí a mú báyìí kì í bá ìwé rìn. Àdírẹ́sì rẹ̀ ló ń lọ, kí kọ̀ǹpútà ẹni tó gbà á lè lọ bù ú wá fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ṣí i, Google mọ̀ ọ́n, nítorí ó ti wọlé sórí àkáǹtì rẹ̀, ilẹ̀kùn á sì ṣí. Oníbàárà ní Ṣàgámù kò ní kọ́kọ́rọ́ yẹn. Ìdí nìyí tí fífi ìwé ránṣẹ́ sí ara ẹni kò fi lè fi àṣìṣe náà hàn.

Mo fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ àwòrán náà, mo yan `Copy image address`, mo sì lẹ àdírẹ́sì náà sínú fèrèsé `Incognito`, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti wọlé. Dípò lógò, Google ní kí n wọlé. Ó tán.

A lọ sí `Settings`, `See all settings`, `General`, a pa àwòrán àtijọ́ rẹ́ nínú ìbuwọ́lùwé èsì, a tẹ `Insert image`, a sì yan `Upload` láti inú kọ̀ǹpútà. Ẹ má gbàgbé `Save Changes` nísàlẹ̀ pátápátá. Èmi pàápàá ti fi í sílẹ̀ rí, mo sì fi odidi wákàtí kan wá àṣìṣe tí kò sí.

Kì í ṣe gbogbo X pupa ló jẹ́ ẹ̀bi ẹni tó fi ìwé ránṣẹ́ o. Outlook máa ń dènà àwòrán látìta. Bí oníbàárà bá tẹ `Download Pictures` tí lógò sì yọ, kò sí ohun tó bàjẹ́. Bí X bá ṣì dúró, ọ̀dọ̀ yín ni kẹ́ ẹ ti wò ó.

Ní ọjọ́ kejì, oníbàárà kan ṣì rí X. Èsì àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ ìwé tuntun ló ń wò.